Ẹ bá mi wo lẹ́tà àfikún owó ilé tí màmá mi fẹ́ fún àwọn ayálégbé wa ní Kábà

Ọmọ Kábà l'Ábújá · 9 Júùnù 2025, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ní ilé onífúláàtì mẹ́rin ní Kábà. Láti 2021 ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan ti ń san 150,000 náírà lọ́dún. A fẹ́ sọ ọ́ di 300,000, kó bẹ̀rẹ̀ ní 1 Ògọ́ọ̀sì. Atẹ́gùn ká páànù lọ lọ́dún tó kọjá, 640,000 la fi tún un ṣe. Ní Fẹ́búárì yìí, a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ onísólà ní 1,920,000. Ohun tí mo kọ rèé: "Ẹ̀yin ayálégbé, nítorí bí nǹkan ṣe wọ́n, owó ilé yín ti di 300,000 láti oṣù Ògọ́ọ̀sì. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kó palẹ̀ mọ́." Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí kí n fi nǹkan kún un?

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà · 7:40 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Irú lẹ́tà yìí náà ni wọ́n fi lé wa kúrò nílé kan níjọ́sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fún wa. Má bá wọn jà. Má sì san kọ́bọ̀ lé 150,000. Kó gbogbo rìsíìtì rẹ jọ, kí o sì lọ rí olórí àdúgbò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fèrèsé.

Ọmọ Kábà l'Ábújá · 7:52 àárọ̀

Ẹ ṣeun mà. Ṣùgbọ́n àwa la ni ilé o. Àwa là ń kọ lẹ́tà náà.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà · 7:58 àárọ̀

Áà, ẹ̀yin gan-an! Ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí nígbà náà. 150,000 di 300,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, 70,000 ni. Ẹni tó ń gba irú owó yẹn á kó owó oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ fún yín, kí ó tó ra gààrí.

Lọ́yà Àdúgbò · 8:31 àárọ̀

Kò ṣeé ṣe rárá. Òfin ti sọ ọ́: oṣù mẹ́fà gbáko ni onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé tó ń san ọdọọdún. Òfin náà tún sọ pé tí àfikún bá ti pọ̀ jù, ayálégbé lè gbé onílé lọ sí kọ́ọ̀tù kí adájọ́ bá a gé e. Òfin 2011 ni. Kí ẹ lọ kà á.

Onílé Ayétòrò · 8:49 àárọ̀

Ẹ má dá àbúrò yìí lóhùn o. Mo ní ilé ní Ayétòrò Gbẹdẹ, mo ní òmíràn ní Kábà. Kì í ṣe 150,000 ọdún 2021 là ń gbà báyìí. Ẹ béèrè iye tí 150,000 ń rà ní ọjà nígbà yẹn, kí ẹ tún béèrè ohun tó ń rà lónìí. Ẹni tí kò fi kún owó ilé láti 2021, ó ti ń dín in kù lọ́dọọdún nìyẹn, kò kàn mọ̀ ni. Látìgbà tí wọ́n sì ti sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Kábà di yunifásítì, ẹni tó ń wá ilé ti pọ̀ ju ilé lọ. Kí ìyá gbà 300,000 rẹ̀.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀ · 10:15 àárọ̀

Okun o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ kọ́ọ̀tù ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹjọ́ onílé àti ayálégbé tí mo sì ti fọwọ́ mi kọ sílẹ̀ kò lóǹkà.

Lọ́yà Àdúgbò, òfin 2011 tí o ń sọ, ti Èkó ni. Kódà ní Èkó fúnra rẹ̀, wọ́n yọ Ìkòyí, Àpápá, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi dé Kábà. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà tí o dárúkọ kì í ṣe irọ́, ibi tí o gbé e sí ni kò bá a mu. Oṣù mẹ́fà yẹn jẹ́ ti kúìtì, ìyẹn ìwé tí onílé fi ń ní kí ayálégbé kúrò. Òun là ń lò ní kọ́ọ̀tù wa náà fún ẹni tó ń san ọdọọdún, tí kò bá sí àdéhùn kan tó sọ iye mìíràn. Ẹni tó ń san oṣù mẹ́fà mẹ́fà, oṣù mẹ́ta ni tirẹ̀. Ẹni tó ń san oṣooṣù, oṣù kan.

Ọmọ Kábà, ohun tí o kọ yẹn kì í ṣe kúìtì, kì í sì í ṣe lẹ́tà àfikún. Ó wà láàárín méjèèjì, kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀kankan. Onílé kò lè jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kó fi ẹnu ara rẹ̀ nìkan yí owó tí òun àti ayálégbé jọ fohùn sí padà. Ẹni tó ti san ọdún kan ti ra ọdún kan. Fún ọdún tó ń bọ̀, o lè dárúkọ iye tuntun, ó lè gbà, ó lè ní kí ẹ dúnàádúrà, ó sì lè kọ̀. Tó bá kọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún ọ: kúìtì, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ọlọ́jọ́ méje tó sọ pé o ń lọ sí kọ́ọ̀tù, lẹ́yìn náà kọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀. Kí ẹ má ti ilẹ̀kùn, kí ẹ má yọ páànù, kí ẹ má gé omi. Ẹni tó bá ṣe é á di olùjẹ́jọ́ nínú ilé ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkókò ti wọlé. Lẹ́tà àfikún kò ní oṣù kan pàtó tí òfin tí à ń lò ní kọ́ọ̀tù wa là kalẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí kúìtì bá ń gba oṣù mẹ́fà, tó sì gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ tí ọdún ayálégbé parí, lẹ́tà àfikún tó fún un ní ọ̀sẹ̀ méje kò ní eyín. Ayálégbé tó bá gbọ́n máa kà á, á rẹ́rìn-ín, á sì san 150,000 rẹ̀. Nítorí náà, kí o ka oṣù mẹ́fà padà sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ọdún rẹ̀ máa parí, kí o sì tún fi oṣù kan tàbí méjì kún un kó lè rí àyè dá ọ lóhùn. Ìyẹn ni àkókò tó tọ́.

Sọ fún mi: ọjọ́ wo ni ọdún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn parí? Ṣé gbogbo wọn ló ń san ọdọọdún?

Ọmọ Kábà l'Ábújá · 12:03 ọ̀sán

Mo pe màmá, wọ́n wo inú ìwé rìsíìtì wọn. Ti Fúláàtì Kìn-ín-ní á parí ní 31 Dìsẹ́ńbà 2025. Ti Kejì, 31 Máàṣì 2026. Ti Kẹta, 31 Ògọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ yìí. Ẹni tó wà ní Kẹrin ń san 75,000 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, tirẹ̀ á parí ní 30 Sẹ̀tẹ́ńbà. Kò sí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, rìsíìtì nìkan ló wà. Bàbá, ṣé kì í ṣe lẹ́tà kan la máa lẹ̀ mọ́ gèètì ni?

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀ · 1:20 ọ̀sán

Ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́tà mẹ́rin. Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ gèètì, bí ẹní ń polówó ìpàdé àdúgbò.

Ti Kejì ló rọrùn jù. Láti òní di 31 Máàṣì ju oṣù mẹ́sàn-án lọ. Ẹ lè fún un títí di òpin Ògọ́ọ̀sì láti fèsì. Tó bá kọ̀, ẹ ṣì ní gbogbo oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà láti fún un ní kúìtì tí oṣù mẹ́fà rẹ̀ á parí sí 31 Máàṣì gẹ́lẹ́.

Ti Kìn-ín-ní ń sáré. 30 Júùnù ni oṣù mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í kù sí Dìsẹ́ńbà. Bákan náà ni ti Kẹrin, nítorí oṣù mẹ́ta rẹ̀ sí òpin Sẹ̀tẹ́ńbà, 30 Júùnù yìí náà ni. Lẹ́tà àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí tàbí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ti Kẹta ti kọjá lọ. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́, ẹ kò lè fi dandan mú un. Tó bá ní 150,000 lòun máa san ní Sẹ̀tẹ́ńbà, iye tó máa san nìyẹn títí di 31 Ògọ́ọ̀sì 2026. Ẹ fún un ní lẹ́tà báyìí fún ọdún tó tẹ̀lé ìyẹn.

Onílé Ayétòrò · 1:44 ọ̀sán

Ṣé ẹ rí i? Ẹnì kan á máa san 150,000, ará ilé kejì rẹ̀ á máa san ìlọ́po. Wọ́n á pàdé nídìí kànga, wọ́n á bi ara wọn, ìjà dé nìyẹn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀ · 2:02 ọ̀sán

Onílé, wọ́n kò gba ilé lọ́jọ́ kan náà, báwo ni wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà? Ṣùgbọ́n bí ìyá bá fẹ́, wọ́n lè pe ẹni Kẹta jókòó, kí wọ́n fún un ní iye tó wà láàárín, bíi 180,000 fún ọdún yìí nìkan. Tó bá gbà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú. Tó bá kọ̀, ẹ má fi ojú burúkú wò ó.

Tísà Ìsánlú · 4:36 ìrọ̀lẹ́

Ayálégbé ni mí, mo sì ti gba lẹ́tà mẹ́ta irú èyí láyé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń wò tí ẹ̀yin onílé kì í ronú sí. "Nǹkan ti wọ́n" kì í ṣe ìdí. Ó wọ́n fún èmi náà. Tí ẹ bá ti kọ ìyẹn sílẹ̀, mo ti mọ̀ pé iye tí ẹ kọ, ńṣe lẹ kàn já a láti ojú ọ̀run.

Ẹ tún dárúkọ páànù tí atẹ́gùn ká. Ilé ta ni? Bí òrùlé bá jò, onílé ló ni àtúnṣe rẹ̀, owó tí mo ti ń san látẹ̀yìnwá ni ẹ fi ń ṣe é. Ẹ ò lè gba owó ilé lọ́wọ́ mi tán, kí ẹ tún wá gba owó òrùlé ilé náà. Ṣùgbọ́n kànga yàtọ̀. Tí mo bá ti ń ra omi kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀, tí omi wá dé ẹnu ọ̀nà mi, màá san nǹkan kan fún un láì ráhùn. Ẹ kàn fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí.

Ọmọ Kábà l'Ábújá · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ìṣirò wa rèé sà. Páànù àti kànga jọ jẹ́ 2,560,000. Tí a bá pín in sí mẹ́rin, 640,000 ló kan fúláàtì kọ̀ọ̀kan. 150,000 la sì fẹ́ fi kún un. Lójú tèmi, a tiẹ̀ ti ṣàánú.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀ · 6:25 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, tí o bá gbé ìṣirò yẹn síwájú adájọ́, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi ọ́ ni pé, lọ́dún karùn-ún tí owó páànù àti kànga ti pé, ṣé wàá dá owó ilé padà sí 150,000?

Tísà ti yọ páànù kúrò, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kànga ló kù. Kànga kì í ṣe ohun ọdún kan. Ká sọ pé ọdún mẹ́wàá lẹ máa fi lò ó kí ẹ tó ní láti pààrọ̀ ohun ńlá nínú rẹ̀. 1,920,000 pín sí ọdún mẹ́wàá jẹ́ 192,000 lọ́dún. Pín ìyẹn sí fúláàtì mẹ́rin, ó di 48,000. Iye tí kànga fi kún owó ilé ẹnì kan lọ́dún nìyẹn. Ayálégbé tó ń ra omi mọ̀ bóyá 48,000 wọ́n tàbí kò wọ́n, kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé tí owó rẹ̀ wà lójú kan láti 2021 yẹ kó gbéra díẹ̀. Bíríkìlà, káfíńtà, ọ̀dà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dúró síbi tó wà. Ẹ fi 22,000 sí i, kí gbogbo rẹ̀ di 220,000. Àfikún 70,000 nìyẹn, tí ayálégbé lè tọ ipa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Onílé Ayétòrò · 6:41 ìrọ̀lẹ́

22,000 fún ọdún mẹ́rin! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilé kì í ṣe iṣẹ́ àánú. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta á dá owó jọ, wọ́n á san 300,000 kó tó di ọ̀la.

Tísà Ìsánlú · 6:55 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n á san án, wọ́n á sì sun mẹ́fà nínú rẹ̀, wọ́n á kan ìṣó mọ́ gbogbo ògiri. Tí wọ́n bá sì gba ìsinmi, ilé á ṣófo.

Onílé Ayétòrò · 7:03 alẹ́

Ìyẹn ò kàn ọ́. Ilé mi ni.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀ · 7:30 alẹ́

Onílé kò parọ́ pé ọjà ti gòkè. Mi ò ní òṣùwọ̀n kan tí mo lè fi sọ pé 220,000 ló tọ́, tí 260,000 kò tọ́. Ìyá ni kó béèrè iye tí ilé bíi tirẹ̀ ń lọ ládùúgbò rẹ̀, kì í ṣe ní Lọ́kọ́jà, kì í ṣe ní Ábújá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iye èyíkéyìí tó bá kọ, kó lè sọ ibi tó ti wá.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́ · 9:14 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa buwọ́ lu lẹ́tà yìí? Mo ń béèrè nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni Ẹ̀gbẹ́. Bàbá wa kú, ilé di ti gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa san 200,000. Àbúrò mi tó wà ní Ìlọrin kọ tirẹ̀, ó ní 170,000, kí wọ́n san án sí àkáǹtì òun. Àwọn ayálégbé kó lẹ́tà méjèèjì pọ̀, wọ́n lọ bá olórí ẹbí, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni táwọn máa san fún. Ọdún kan gbáko la fi parí ẹ̀, wọn ò sì san kọ́bọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀ · 9:40 alẹ́

Ìbéèrè gidi nìyí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì ni kó buwọ́ lù ú. Tó bá jẹ́ ìyá ni ilé, tí ìyá sì wà láàyè, ìyá ni. Ọmọ lè tẹ lẹ́tà náà, kó má fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ ọmọ ló máa buwọ́ lù ú, kí ìyá kọ́kọ́ fún un ní ìwé pé òun rán an, kí ayálégbé sì rí ìwé náà. Ti ilé ẹbí, ẹ̀yin ọmọ ẹ kọ́kọ́ jókòó kí ẹ tó gbé bírò.

Mo ti kọ ti Fúláàtì Kejì sílẹ̀, kí Ọmọ Kábà lè fi ṣe àwòkọ fún àwọn tó kù:

> Kábà, 16 Júùnù 2025
>
> Sí Ọ̀gbẹ́ni ……………, Fúláàtì Kejì
>
> Àfikún owó ilé láti 1 Éépírì 2026
>
> Ẹ kú ilé o. Owó ilé yín jẹ́ 150,000 náírà lọ́dún, ọdún tí ẹ ti san sì máa parí ní 31 Máàṣì 2026. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ohun tó yí padà.
>
> Láti 1 Éépírì 2026, mo fẹ́ kí owó ilé náà di 220,000 náírà lọ́dún, àfikún 70,000. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní Fẹ́búárì 2025, mo gbẹ́ kànga ẹ̀rọ onísólà sínú ọgbà. 1,920,000 ló ná mi, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi bí ẹ bá fẹ́ rí i. Mo pín owó náà sí ọdún mẹ́wàá àti fúláàtì mẹ́rin, 48,000 ló sì kan yín lọ́dún. 22,000 tó kù wà fún ìtọ́jú ilé, nítorí owó iṣẹ́ àti ohun èlò ti gòkè láti 2021 tí mo ti gba iye yìí kẹ́yìn.
>
> Mi ò ní gba owó omi mìíràn lọ́wọ́ yín. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, èmi ni màá tún un ṣe. Mi ò sì ní fi kún 220,000 náà kó tó di 31 Máàṣì 2028.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èsì sí mi kó tó di 31 Ògọ́ọ̀sì 2025. Bí ẹ bá ní iye mìíràn lọ́kàn, tàbí ẹ fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ ọ́ nínú èsì yín, ká jọ jíròrò. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ìwé ìkúrò nílé.
>
> Ẹ ṣeun.
>
> ……………… (onílé)
>
> Mo gba ẹ̀dà lẹ́tà yìí: orúkọ …………… ìbuwọ́lù …………… ọjọ́ ……………

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ tẹ̀. Ó buwọ́ lu ọ̀kan, ẹ mú ìyẹn dání. Tó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ẹ fi í lé e lọ́wọ́ níwájú ẹnì kan tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí yín, kí ẹni náà kọ orúkọ àti ọjọ́ sẹ́yìn ẹ̀dà tiyín. Ti Fúláàtì Kìn-ín-ní àti Kẹrin, 27 Júùnù ni kí ẹ fi ṣe ọjọ́ èsì, nítorí ohun tí mo sọ nípa 30 Júùnù. Ti Kẹrin, 110,000 lóṣù mẹ́fà.

Onílé Ayétòrò · 10:02 alẹ́

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi "mi ò ní fi kún un kó tó di 2028". Ta ló mọ ohun tí náírà máa dà? Ẹ ń fi ọwọ́ ara yín so ara yín.

Tísà Ìsánlú · 10:11 alẹ́

Gbólóhùn yẹn gan-an ló máa jẹ́ kí n buwọ́ lù ú.

Lọ́yà Àdúgbò · 10:26 alẹ́

Bàbá, ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ fún ẹni Kìn-ín-ní láti ronú sí àfikún 70,000. Ṣé ìyẹn náà dára? Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kó ní oṣù kan tàbí méjì.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀ · 10:50 alẹ́

O mú mi. Kò dára tó, tòótọ́ ni. Owó tuntun náà kò ní bẹ̀rẹ̀ kó tó di Jánúárì, nítorí náà ó ní oṣù mẹ́fà láti wá owó. Ṣùgbọ́n láti dáhùn, àkókò rẹ̀ kúrú. Tí ìyá bá mọ̀ pé ọmọlúàbí lẹni náà, kó fún un títí di òpin Júláì, kó sì gbà pé bó bá kọ̀, iye àtijọ́ ni wọ́n máa lò ní 2026. Ìyá ló mọ ẹni tó ń bá gbé.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà · 10 Júùnù, 6:20 àárọ̀

Ẹ wo ẹni tó wà nínú fúláàtì kí ẹ tó kọ ọ́ ní Yorùbá o. Ní Kábà báyìí, Ẹ̀bìrà wà níbẹ̀, Núpé wà níbẹ̀, Ígálà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tó buwọ́ lù á sọ lọ́la pé wọ́n tan òun jẹ.

Ọmọ Kábà l'Ábújá · 10 Júùnù, 8:05 àárọ̀

Òtítọ́ ni mà. Ẹni Kẹrin wa, Òkénè ló ti wá. A máa kọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò mi á sì kà á fún un. Màmá ní ti Kìn-ín-ní, òpin Júláì làwọn máa fún un, àtìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà lẹni náà ti wà níbẹ̀.

Ọmọ Kábà l'Ábújá · 4 Sẹ̀tẹ́ńbà, 9:17 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kìn-ín-ní gbà. Kẹrin gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn kọ ọ́ sínú àdéhùn pé omi wà nínú rẹ̀, a sì ti kọ ọ́. Kejì kọ èsì pé 190,000 ni agbára òun ká. Ti Kẹta ló mú mi wá: màmá pè é kí wọ́n jọ sọ 180,000, kò wá. Ní 1 Sẹ̀tẹ́ńbà ni alẹ́ẹ̀tì dún lórí fóònù màmá, 150,000 ti wọlé sí àkáǹtì wọn. Ṣé kí a dá a padà?

Onílé Ayétòrò · 9:30 àárọ̀

Ẹ dá a padà kíá! Tí owó bá ti sùn sí àkáǹtì yín, ẹ ti gbà á nìyẹn.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀ · 11:08 àárọ̀

Onílé, ká ní wọ́n ti fún ẹni náà ní kúìtì ni, ọ̀rọ̀ rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Onílé tó ti fún ayálégbé ní kúìtì, tí ọjọ́ kúìtì ti pé, tó wá gba owó ọdún mìíràn láì sọ̀rọ̀, kọ́ọ̀tù lè kà á sí pé ó ti tún ilé náà yá a fún ọdún mìíràn ní iye àtijọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn ti dá owó padà, tàbí kó kọ̀wé lójú ẹsẹ̀ pé òun kò gbà á gẹ́gẹ́ bí owó ilé tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹni Kẹta, kò sí kúìtì lọ́rùn rẹ̀, kò sì gba 180,000. 150,000 ni gbèsè rẹ̀, ó sì san án lọ́jọ́ tó pé. Ẹ fún un ní rìsíìtì tó sọ pé ó san ti 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025 sí 31 Ògọ́ọ̀sì 2026. Ṣé ẹ ti fún un ní lẹ́tà ti ọdún tó tẹ̀lé e?

Ọmọ Kábà l'Ábújá · 11:21 àárọ̀

Rárá sà. Màmá ń dúró kó wá jókòó lórí 180,000 náà ni.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Tẹ́lẹ̀ · 11:34 àárọ̀

Ẹ fún un ní oṣù yìí, pẹ̀lú rìsíìtì náà. 220,000 láti 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2026, kí ọjọ́ èsì jẹ́ òpin Jánúárì. Fẹ́búárì á kù fún yín.

Tísà Ìsánlú · 12:15 ọ̀sán

Ti Kejì ńkọ́? 190,000 rẹ̀ ti kọjá owó kànga, kí ẹ ranti. 198,000 ni 150,000 àti 48,000. Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ló kù láàárín yín.

Ọmọ Kábà l'Ábújá · 12:40 ọ̀sán

190,000 kò tíì dé 198,000 sà. Màmá ní kó mú 200,000 wá. Èmi ní ká dúró lórí 220,000, ó sì ku oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà yìí nìkan ká tó mọ̀ bóyá a máa kọ kúìtì. Màmá ní àwọn ò kọ kúìtì sí ẹni tó máa ń bá wọn gbé iṣu wọlé.

Onílé Ayétòrò · 12:52 ọ̀sán

Iṣu mélòó?